Ìṣẹ́jú Mẹ́ta fún Ènìyàn Mẹ́rin

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ètò pé ìjókòó kejì yóò bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan n'Ìbàdàn ni, àpérò lórí ẹ̀gẹ́ ni, èmi náà sì jókòó sí ìlà kẹta láàárín àwọn àgbẹ̀, àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ìyá tó ń yan gààrí. Olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lórí pèpéle, wákàtí kan péré sì ni wọ́n fún gbogbo wọn. Atọ́kùn dìde. Ó kí kábíyèsí, ó kí alága, ó kí àwọn olóyè, ó sì tún kí gbogbo àwọn tí wọ́n ti kí láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí àpérò. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé mẹ́rin yọ nínú fáìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìgbésí ayé ẹni àkọ́kọ́.

Ó sọ ìlú tí wọ́n bí i sí. Ó sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sọ gírámà, ó to oyè yunifásítì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra pẹ̀lú ọdún tí ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ka orúkọ ẹgbẹ́ tí bàbá náà wà, ó sọ pé wọ́n níyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọ ta wọ́n lọ́rẹ. Mo wo aago ọwọ́ mi. Ẹni kejì pẹ́ ju ẹni kìíní lọ, torí oyè ìlú mẹ́ta ló ń jẹ. Ẹni kẹta náà kò kéré. Nígbà tí ó kan ẹni kẹrin, ìwé ti tán lọ́wọ́ atọ́kùn. Ó ní, "Ẹni kẹrin wa ni ìyá wa kan tí wọ́n ń yan gààrí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn." Aago ti di mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 19, kò sì tí ì sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan nípa ẹ̀gẹ́.

Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú 37 láàárín ara wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ṣẹ́ kù fún ìyá náà kí wọ́n tó pè wá síbi oúnjẹ. Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè wọ́n, wọ́n sì jókòó. Ọ̀rá dúdú kan wà lábẹ́ àga wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ń jáde ni mo bi wọ́n léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n tú ẹnu rẹ̀ fún mi: ẹ̀gẹ́ mẹ́ta ni, èyí tí wọ́n wú lójúmọ́ ọjọ́ náà, èyí tí wọ́n wú lánàá, àti èyí tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ sí méjì kí àwùjọ lè rí bí inú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn náà tó rí i. Wọ́n tún ọ̀rá náà dì, wọ́n gbé e lọ sílé bí wọ́n ṣe gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ wo bí a ṣe ń fi àwọn olùbánisọ̀rọ̀ hàn níbi àpérò wa. Atọ́kùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ohun tí wọ́n fún un ló kà. Ẹni tó ṣètò ti kọ̀wé sí olùbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí ó fi ìtàn ara rẹ̀ ránṣẹ́, olúkúlùkù sì fi èyí tó ti wà nílẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ fún ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í sábà dín ní 300 ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kàwé sókè fún àwùjọ kì í lè ka ju nǹkan bí 130 ọ̀rọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan bí ó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ yé. Ìyẹn ni pé ìwé kan yóò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, mẹ́rin yóò sì gba mẹ́sàn-án ó lé. Ẹ wá fi ìkíni kún un, ẹ fi àtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kún un, ẹ fi ti ẹni tó ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sórí pèpéle kún un, ẹ ó rí ibi tí ìṣẹ́jú 19 ti jáde wá. Ẹni tó máa ń san gbèsè àkókò náà ni ẹni tó kẹ́yìn láti sọ̀rọ̀, àti àwọn tó fẹ́ béèrè ìbéèrè.

Àkókò nìkan kọ́ ló ń ṣòfò. Etí náà ń rẹ̀. Ẹni tó jókòó sísàlẹ̀ ń gbọ́ ọdún, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ tó tò léra, kò sì mọ èyí tí òun yóò dì mú nínú rẹ̀, torí pé kò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tí yóò so ó mọ́. Bí ẹni kẹta bá fi máa di gbohùngbohùn mú ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó rántí ìwọ̀nyí mọ́. Ẹ wo àwùjọ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: wọn yóò máa ṣí ìwé ètò láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìgbà tí ó ti ń sú wọn, ẹ má wo ìlà iwájú, torí ìtìjú kò ní í jẹ́ kí àwọn yẹn mira. Ìlà ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ìwé ètò tó yẹ kí wọ́n máa kà yóò ti di abẹ̀bẹ̀, fóònù yóò ti tàn lójú wọn, ìkọ́ wíwú yóò sì gbòde. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹni àkọ́kọ́ yóò kọ́kọ́ lo ìṣẹ́jú méjì láti pe ọkàn wọn padà.

Mo gbà pé ìfihàn gígùn ní ibi tí ó ti yẹ. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun bá fẹ́ sọ àsọyé àkọ́sọ rẹ̀ ní yunifásítì, tàbí tí a bá ń bu ọlá fún ẹnì kan tó fẹ̀yìn tì, ìgbésí ayé onítọ̀hún jẹ́ apá kan nínú ohun tí a wá gbọ́. Ẹni kan ni, ọjọ́ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn mẹ́rin bá ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ni àlejò pàtàkì. Ohun tí àwùjọ fẹ́ mọ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju pé: kí ni ẹni yìí mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn mẹ́ta yòókù kò mọ̀? Àwọn baba wa pàápàá mọ bí a ṣe ń dín in kù. Oríkì orílẹ̀ lè gba òwúrọ̀ kan gbáko, ṣùgbọ́n orúkọ oríkì kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ. Ẹ pe obìnrin kan ní Àbẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ á wú, ẹ ó sì lè máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí èmi náà wá ṣe atọ́kùn níbi àpérò mìíràn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà tún ni, olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin, wákàtí kan. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí a jíròrò lé lórí ni ìdí tí ẹ̀gẹ́ fi máa ń bàjẹ́ kí ó tó di gààrí. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe bí iṣu. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti wú u, inú rẹ̀ yóò ti máa fa ilà dúdú tó dà bí aró, kò sì ní í dára fún gààrí tó mọ́ mọ́. Ojú ọgbẹ́ tí a bá dá sí i lára nígbà tí a ń wú u ni ìbàjẹ́ náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìrìn àjò láti oko dé inú agbada jẹ́ eré ìje, àwọn mẹ́rin tí wọ́n sì pè jẹ́ ènìyàn mẹ́rin tó wà lójú ọ̀nà náà: ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣe ìwádìí lórí irúgbìn ẹ̀gẹ́, awakọ̀ kan tó ń kó o láti oko, ìyá kan tó ní ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, àti obìnrin kan tó ń yá àwọn oníṣòwò oko lówó ní bánkì. N kò ní í dárúkọ wọn níbí. Lágbájá ni n ó máa pe gbogbo wọn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo fi fóònù pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, torí ìwé tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́, ó fẹ́ kí a kà á ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi wọ́n: báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ yín gan-an? Oyè wo ni ẹ fẹ́ kí n fi ṣáájú rẹ̀? Kí ni ẹ ti fi ojú ara yín rí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́?

Ìbéèrè kìíní dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ obìnrin ti bánkì kì í ṣe Yorùbá, mo sì ti ń pe orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe rí i nínú ìwé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí fóònù, ó ní gbogbo ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo fi àmì ohùn sí i lórí bí ẹni ń kọ Yorùbá, mo sì pè é padà fún un títí ó fi ní ó dára. Àwa tí àmì ohùn kan lè sọ ọkọ́ di ọkọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí a ṣi orúkọ rẹ̀ pè níwájú igba ènìyàn.

Ìbéèrè kejì ló le jù. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fo oyè ènìyàn dá ti bú onítọ̀hún nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa jẹ́ olóyè, ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ó sì tún ti lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí mo sọ fún un pé oyè kan ṣoṣo ni n ó lè pè, ó dákẹ́ díẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kí n fi àwọn yòókù sílẹ̀ sílé ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá. Gbogbo rẹ̀ pátá ló máa wà nínú ìwé ètò, bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ gan-an ni a ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ti ẹnu nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí àgbẹ̀ kan bá dìde láti bi yín léèrè ọ̀rọ̀, kí ni ẹ fẹ́ kí ó pè yín?"

Ó tún dákẹ́. Ó wá ní, "Kí wọ́n pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Mo ṣàlàyé fún un pé bákan náà ni n ó ṣe fún àwọn mẹ́ta yòókù, oyè kan, gbólóhùn méjì. Ìyẹn ló mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo rí nípa ọ̀rọ̀ oyè ni pé kì í ṣe kíkúrú ló máa ń bí àgbà nínú. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí a gé tiwọn kúrú, kí a sì na ti ẹlòmíràn gùn, tàbí kí wọ́n jókòó sórí pèpéle kí wọ́n tó mọ̀ pé a ti gé e. Bí òṣùwọ̀n bá dọ́gba, tí wọ́n sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú, n kò tí ì rí ẹni tó bá mi jà. Èmi kì í sì í gbà pé kí àtọ́kùn ṣe ìyàtọ̀ níbí, bó ti wù kí àlejò tóbi tó. Ohun tí wọ́n fi ìyá ọ̀rá dúdú yẹn ṣe kọjá pé wọ́n gba àkókò wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwé mẹ́ta gígùn ti sọ fún gbogbo àwùjọ pé ọ̀rọ̀ tiwọn kò tó èyí tí à ń gbọ́.

Ìbéèrè kẹta ni mo ti rí gbogbo ohun tí mo nílò. Awakọ̀ náà sọ fún mi pé òun ti da ẹ̀gẹ́ tó kún ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí, torí táyà bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ kẹrin ni òun sì tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúró de ẹrù. Kò sí ìwé ìtàn ìgbésí ayé tó máa kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí á gbọ́ tirẹ̀.

Mo wá tò wọ́n. Bí a bá fi ọjọ́ orí tàbí ipò tò ó, ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa ṣáájú, awakọ̀ ló máa kẹ́yìn. Bí a bá fi ìrìn ẹ̀gẹ́ tò ó, awakọ̀ ló tẹ̀ lé oko, ìyá gààrí tẹ̀ lé awakọ̀, bánkì àti ìwádìí sì jẹ́ ti ohun tí a lè tún ṣe. Èyí ni mo yàn, torí ẹni tó ń gbọ́ yóò lè máa bá ẹ̀gẹ́ náà rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyá gààrí tẹ̀ lé e, ẹni ti bánkì ṣe ìkẹta, ọ̀jọ̀gbọ́n sì kádìí rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù pé bí a ṣe ń ṣe é nínú ìpàdé ẹbí ni mo fẹ́ ṣe é, níbi tí àgbà ti máa ń gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn kí ó tó sọ tirẹ̀. Kò jiyàn rárá.

Ìgbà wo ló yẹ kí a fi wọ́n hàn? Èyí sinmi lé bí ìjókòó náà ṣe rí. Bí wọ́n bá máa jùmọ̀ fọ̀rọ̀ wérọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan lè já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì nígbàkígbà, gbogbo wọn ni kí a fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò sí àyè mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, ìfihàn tó ṣe wẹ́kú ni èyí tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún jù lọ. Ti wa jẹ́ irú èkejì yìí. Mo pín in sí méjì: ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ àti iṣẹ́ nìkan, kí àwùjọ lè mọ àwọn tí wọ́n ń wò, kí olúkúlùkù tó sọ̀rọ̀, gbólóhùn méjì tó sọ ìdí tí a fi pè é.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà rèé: "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, alága ti bá wa kí gbogbo ènìyàn láàárọ̀, mo dúró lórí ìkíni náà. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú lónìí kò ní í dára mọ́ ní ọ̀túnla. Àwọn mẹ́rin tí ẹ ń wò yìí ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Láti apá òsì yín: ẹni tó ń gbé e láti oko, Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá, ẹni tó ń sọ ọ́ di gààrí, Ìyá Lágbájá, ẹni tó ń yá wọn lówó, Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá, àti ẹni tó ń wá ẹ̀gẹ́ tí kò ní í tètè bàjẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Kò pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó ni mo ṣe dárúkọ wọn, láti òsì sí ọ̀tún àwùjọ, nítorí bí ètò àga kò bá bá ètò ẹnu mu, ojú àwọn ènìyàn á kàn máa wá ẹni tí à ń pè kiri ni.

Fún ìyá gààrí, ìwé tí ọmọ wọn bá wọn kọ ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ó sọ pé wọ́n jẹ́ "gbajúgbajà oníṣòwò, ìyá ọlọ́mọ, olùfọkànsìn nínú ìjọ, àti ẹni tí kò kẹ̀rẹ̀ láwùjọ." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè fi gbogbo rẹ̀ ṣàpèjúwe alásọ, ẹ sì lè fi ṣàpèjúwe ẹni tó ń ta bàtà. Ohun tí mo sọ kí wọ́n tó dìde nìyí: "Ẹni tó kàn yìí ti ń yan gààrí láti ọdún mọ́kànlélógún, òru ni wọ́n sì sábà máa ń bó ẹ̀gẹ́, torí kò lè dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Wọ́n máa sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ nìkan mọ ẹ̀gẹ́ tó ti bàjẹ́ nínú kí wọ́n tó gé e: Ìyá Lágbájá." Ìṣẹ́jú àáyá ogún ni. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ló kẹ́yìn. Bí orúkọ bá ti jáde, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa, ohunkóhun tí ẹ bá tún sọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò rì sínú ariwo. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé n kò sọ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n, wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù, ṣùgbọ́n tiwọn ni. Atọ́kùn tó bá sọ ọ̀rọ̀ àlejò tán kí àlejò tó dé ti jí i lẹ́rù gbé.

Awakọ̀ náà, mo sọ ti ẹ̀gẹ́ tí ó dà nù. Ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sọ iye ìwé tó ti kọ. Mo ní ó ti lo ọdún méjìlá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ kan fi ń yára dúdú ju èkejì lọ? Àwọn àgbẹ̀ tó wà ní ìlà ẹ̀yìn gbé orí sókè. Iye ìwé kò lè ṣe ìyẹn.

Àwọn nǹkan kan kò lọ bí mo ṣe fẹ́. Obìnrin bánkì kò lè wá. Aṣojú ló rán, mo sì gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú. Bí aṣojú bá dé, ẹ má ka ìfihàn ẹni tó rán an lé e lórí. Mo fa ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà, mo kọ èsì rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, mo sì ní kí wọ́n fi máákà kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sórí páálí iwájú àga rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní tirẹ̀ gbé ojú ewé méjì wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní akọ̀wé òun ló tún un tẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́, mo sì mú un lọ fún àwọn tó ń pín ìwé ètò kí wọ́n fi í sínú rẹ̀. N kò kà á, bàbá kò sì béèrè, torí a ti jọ sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìfihàn kò tán níbẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣe ohun tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò máa ń ṣe fún ẹni tí kò rójú àlejò. Bí mo bá fẹ́ gbé ìbéèrè fún ẹnì kan, mo máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ kún orúkọ rẹ̀: "Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá, ẹ̀yin tí ẹ wà lójú títì…" Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tàbí tó ti gbàgbé, á mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a padà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin báyìí káàkiri wákàtí kan wúlò ju ìwé tí a kà tán lẹ́ẹ̀kan lọ.

Mo ti ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé: ìṣẹ́jú mẹ́ta fún gbogbo ìfihàn, mẹ́jọ mẹ́jọ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìṣẹ́jú méjì kọjá ti tirẹ̀, awakọ̀ kò lo tirẹ̀ tán. Àwùjọ béèrè ìbéèrè mẹ́sàn-án kí agogo oúnjẹ tó lù. Márùn-ún nínú rẹ̀ ni wọ́n darí sí ìyá tó ń yan gààrí, ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sì béèrè ọ̀kan nínú wọn.